Téèpù bá ìyàwó wí, ẹ̀rọ bá ọkọ wí: ikùn ta ni ọ̀rá pọ̀ sí jù?

*"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbarà. Téèpù ní ikùn mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 97, ti ìyàwó mi jẹ́ 91. Nọ́ọ̀sì ní tèmi kò tíì burú torí kò tó 102, ṣùgbọ́n ti ìyàwó mi ti kọjá 88, pé inú ewu ló wà. Wọ́n tún fún wa ní ẹ̀rọ kan dì mú, òun ní ọ̀rá inú ikùn mi jẹ́ 12, ti ìyàwó mi 8, pé tèmi ló ga. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ọmọ ọdún 48 ni mí, gíga mi 170. Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ ọdún 44, gíga rẹ̀ 158. Ṣòkòtò 36 ni mo ṣì ń wọ̀ láti ọdún tó pẹ́."*

Ẹ kú àfiyèsí, bàbá. Nínú téèpù àti ẹ̀rọ, kò sí èyí tó fojú kan ọ̀rá inú ikùn yín. Téèpù wọn ìta, ẹ̀rọ sì ṣe ìṣirò. Méjèèjì ń méfò ni, ìbéèrè tí wọ́n sì ń dáhùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí mo bá ní kí n sọ ibi tí ọkàn mi tẹ̀ sí lórí ohun tí ẹ kọ, màá ní ọ̀rá tó wà nínú ikùn yín ṣeé ṣe kó ju ti ìyàwó yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n dẹ́rù bà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Oríṣi ọ̀rá méjì ló ń kóra jọ síbi ikùn. Ọ̀kan wà lábẹ́ awọ, òun lẹ fi ìka méjì fún mú tí ẹ bá jókòó. Èkejì wà lẹ́yìn iṣan ikùn, láàárín ìfun, lára ẹ̀dọ̀, títí dé ẹ̀gbẹ́ kíndìnrín, ìka kankan kò sì lè fún un mú. Ẹ ti rí i rí ní Iléyá. Nígbà tí wọ́n bá la ikùn àgbò tó sanra, kí wọ́n tó fa ìfun jáde, ọ̀rá funfun kan wà tó tẹ́ lé e lórí bí àwọ̀n apẹja. Irú rẹ̀ wà nínú ikùn tiwa náà, òun àti ọ̀rá tó so mọ́ ìfun ni à ń pè ní ọ̀rá inú ikùn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti abẹ́ awọ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ kúrò kì í kọ́kọ́ lọ sí ọkàn. Tààrà sí ẹ̀dọ̀ ló ń lọ. Ọ̀rá ibẹ̀ sì máa ń tètè tú dà sínú ẹ̀jẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ sí ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń gba ọ̀rá báyìí lójoojúmọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó o pamọ́ sínú ara rẹ̀, yóò máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kò yẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá yóò máa ga. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń lọ sí àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn.

Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn bóyá ọ̀rá yìí gan-an ni ọ̀daràn, tàbí àmì ni pé ibi ìpamọ́ abẹ́ awọ ti kún, tí ọ̀rá sì wá ń yà sí ibi tí kò yẹ. Lójú tèmi, méjèèjì ní òtítọ́ nínú. Ohun tó dájú ni pé ti abẹ́ awọ nìkan kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n fa ọ̀rá abẹ́ awọ ikùn jáde lára obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó sanra, nǹkan bíi kílò mẹ́wàá lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ikùn wọn lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara wọn kò gbọ́rọ̀ sí ínsúlíìnì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfúnpá wọn kò yí padà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà bó ṣe wà. Téèpù ìbá yìn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí 102 àti 88 tí nọ́ọ̀sì dá lé ti wá. Ní 1995, Lean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gílásígò, nílẹ̀ Sìkọ́tílàndì, wọn àyíká ikùn àwọn ará ibẹ̀. Kì í ṣe inú ikùn ni wọ́n yẹ̀ wò, ẹ̀rọ kankan kò sì ya àwòrán ọ̀rá fún wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìwọ̀n téèpù tó bá ti ẹni tó sanra mu, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìwúwo ara sí gíga tí a mọ̀ sí bí-ẹ̀m-áì. Ìwọ̀n tó bá bí-ẹ̀m-áì 25 mu jáde ní 94 fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin. Èyí tó bá 30 mu jáde ní 102 àti 88. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn nọ́ńbà náà wọlé: ẹni tó bá kọjá ti àkọ́kọ́, ewu rẹ̀ ti ga, ẹni tó bá kọjá ti èkejì, ewu rẹ̀ ga gan-an. Nítorí náà, 102 tí wọ́n sọ fún yín jẹ́ àkàsọ̀ kejì. Ẹ ti gun àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ sì ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kò tíì burú" yẹn kò péye tó.

Àwọn ará Jàpáànù gba ọ̀nà mìíràn, òun ló sì wù mí jù láti fi ṣàlàyé. Àwọn fi ẹ̀rọ síkáànù sí-tíì ya àwòrán ikùn ní ìpele ìdodo, wọ́n wọn bí ọ̀rá inú ikùn ṣe fẹ̀ tó lójú àwòrán náà, wọ́n sì rí i pé tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 100, ìfúnpá gíga, ṣúgà gíga àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ máa ń kóra jọ sára ẹni náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé: ìwọ̀n téèpù wo ló bá 100 yìí mu? Fún ọkùnrin, 85. Fún obìnrin, 90.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní Gílásígò, nọ́ńbà ti obìnrin kéré sí ti ọkùnrin. Ní Jàpáànù, ti obìnrin ló ga jù. Ohun tó fà á ni pé lára obìnrin, pàápàá kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ ọ̀rá ibi ikùn jẹ́ ti abẹ́ awọ. Kí ti abẹ́ iṣan tó pọ̀ tó ti ọkùnrin, téèpù yóò ti fẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin ní tirẹ̀ kì í ní ọ̀rá abẹ́ awọ púpọ̀ níbẹ̀, ikùn rẹ̀ máa ń le, ó máa ń yọ síwájú, èyí tó sì yọ náà, láti inú ló ti wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní ti yín ṣeé ṣe kó ju ti ìyàwó yín lọ. Tí a bá fi nọ́ńbà Jàpáànù wò ó, ìyàwó yín fi 1 péré kọjá, ẹ̀yin fi 12 kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà Jàpáànù dá ara yín lẹ́jọ́ o. Láàárín àwọn tí ìwọ̀n téèpù wọn dọ́gba, aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ní ọ̀rá inú ikùn tó kéré sí ti aláwọ̀ funfun, ti àwọn ará Éṣíà sì máa ń pọ̀ jù. Fún àwa tó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ sọ ní 2005 pé kí a yá nọ́ńbà àwọn ará Yúróòpù lò, 94 fún ọkùnrin, 80 fún obìnrin, títí ìwádìí tiwa yóò fi jáde. Wọ́n tún ìmọ̀ràn náà sọ ní 2009. Ní 2017 ni wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tó kó àwọn ènìyàn tó lé ní 24,000 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà. Kì í ṣe ọ̀rá inú ikùn ni ìyẹn náà wò, ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló wò. Ibi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹni tó ní ìṣòro sọ́tọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà fún takọtabo: 81.2 fún ọkùnrin, 81.0 fún obìnrin. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, kì í ṣe nítorí ti obìnrin, bí kò ṣe pé ọkùnrin tiwa máa ń wọ ìṣòro ṣáájú kí ikùn rẹ̀ tó dé 94. Kò tíì rọ́pò 94 nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, ṣùgbọ́n ó tó láti má ṣe fọkàn balẹ̀ nítorí pé ẹ kò tíì tó 102.

Kí a tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n yín gan-an? Níbi àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀ṣì, èrò máa ń pọ̀, ìyá ìjọ kò ní tú ìró sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n á fi téèpù yí i ká lórí ìró, lórí búbá, nígbà mìíràn lórí kókó tí wọ́n ta ìró náà sí. Aṣọ nìkan lè fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kún un, ìyàwó yín sì fi mẹ́ta péré kọjá 88. Ní ti ọkùnrin, kí téèpù tó kan ara rẹ̀ ló ti fa ikùn wọlé.

Ẹ tún un ṣe nílé ní àárọ̀, kí ẹ tó jẹun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ ibi ikùn. Ẹ dúró gírí, ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Ẹ fi ìka wá eegun ìhà tó kéré jù ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá góńgó eegun ìbàdí nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi báírò sàmì sí àárín méjèèjì, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibẹ̀ ni téèpù yóò gbà kọjá, kì í ṣe ìdodo, torí pé ìdodo ẹni tí ikùn rẹ̀ ti tóbi máa ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹnìkejì yín wo ẹ̀yìn, kí téèpù má ṣe ga níbì kan kó rẹlẹ̀ níbòmíràn. Kó fara kan awọ, kó má ṣe fún un. Ẹ mí síta bí ẹ ti ń mí lójoojúmọ́, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ sì kà á nígbà tí èémí bá ti jáde tán. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tí méjèèjì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yàtọ̀ síra, ẹ tún un wọ̀n. Téèpù aránṣọ dára, bí kò bá tíì fà. Tó bá jẹ́ íǹṣì nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹ fi 2.54 sọ ọ́ di púpọ̀: 94 jẹ́ íǹṣì 37, 80 sì jẹ́ 31 ààbọ̀.

Ṣòkòtò 36 yín kò jẹ́rìí kankan. Íǹṣì 36 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91 àti díẹ̀, téèpù sì rí 97. Ibi tí ṣòkòtò náà ń dúró sí ló ti yí padà: láti àárín ikùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí eegun ìbàdí wà, tí ọ̀rá kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Mo ti rí ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ lé ní íǹṣì 42 tí aránṣọ rẹ̀ ní Ìtòkú ṣì ń rán 36 fún, tó sì ń fi ìyẹn búra pé òun kò sanra rí.

Ẹ̀rọ tí ẹ dì mú ńkọ́? Ó ń rán iná mànàmáná tó kéré púpọ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì, ó sì ń wo bí ara ṣe dènà rẹ̀ tó. Apá àti àyà ni iná náà gbà kọjá jù, ikùn kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Kó tó fún yín ní 12, ó ti ní kí ẹ tẹ ọjọ́ orí, gíga, ìwúwo, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni yín. Púpọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ wọlé yẹn. Ó mọ̀ pé ọkùnrin ọmọ ọdún 48 máa ń ní ọ̀rá inú ikùn ju obìnrin ọmọ ọdún 44 lọ, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Lórí irú ẹ̀rọ yìí tó wọ́pọ̀, 9 sísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dáadáa, 10 sí 14 ga, 15 sókè ga gan-an. Kì í ṣe sẹ̀ǹtímítà, kì í ṣe kílò, ìpele lásán ni. Tí ẹ bá mu omi púpọ̀ tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé pẹ̀lú òùngbẹ, ó lè yí padà láìsí pé ọ̀rá kankan yí padà. Níbi ọ̀rọ̀ yín, ó jọ pé ó tọ̀nà lórí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò wọnú ikùn yín kó tó mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí lọ fún tọkọtaya tó fẹ́ fi ara wọn wéra: ẹ fi gíga pín àyíká ikùn. Ti yín, 97 pín sí 170, jẹ́ 0.57. Ti ìyàwó yín, 91 pín sí 158, jẹ́ 0.58. Ọgbọọgba ni yín. Nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, 0.5 sí 0.59 ni wọ́n ní ewu ti ga, láti 0.6 sókè ga gan-an, kò sì sí pé ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ìṣirò yìí náà kò lè ya ọ̀rá abẹ́ awọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti inú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹni kúkúrú sá pamọ́ sábẹ́ 94, kò sì ní jẹ́ kí a dẹ́rù ba ẹni gíga lásán.

Ìyàwó yín ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bi í léèrè. Tí ìju bá wà nínú ilé ọmọ, tàbí oyún tí kò tíì hàn, tàbí omi nínú ikùn, téèpù yóò kà á mọ́ ọ̀rá. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, ìju wọ́pọ̀. Bí nǹkan oṣù bá ń pọ̀ jù, tí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ sì le tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó ṣe síkáànù ikùn lásán kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rá ni. Kò sì yẹ kí 8 tí ẹ̀rọ rí fi í lọ́kàn balẹ̀ jù, torí bí nǹkan oṣù bá ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀rá tó ń lọ sí itan àti ìdí tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ikùn lọ. Ọmọ ọdún 44 kò jìnnà sí i mọ́.

Ẹ má lọ ṣe síkáànù sí-tíì nítorí ọ̀rá. Ìtànṣán rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ pọ̀, ohun tó sì máa sọ kò ní yí ìtọ́jú yín padà. Ohun tí ọ̀rá ń ṣe ni kí ẹ wá. Ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, Ìdí-Abà tàbí Ìjàyè, láìjẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí wọ́n wo ìfúnpá, ṣúgà, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ìfúnpá tó bá tó 130 lórí 85, ṣúgà òwúrọ̀ tó bá tó 100 mg/dL, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tiraigiliséráìdì tó bá tó 150 mg/dL, tàbí ọ̀rá rere tí wọ́n ń kọ HDL sí lórí ìwé àyẹ̀wò tó bá rẹlẹ̀ sí 40 fún yín tàbí 50 fún ìyàwó yín, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àmì kan. Ikùn tó kọjá 94 fún yín tàbí 80 fún ìyàwó yín jẹ́ àmì kan pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú márùn-ún yìí ni à ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ti so kọ́ ọ lára. Tí téèpù ilé bá sì tún rí ohun tí ti ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹ̀yin méjèèjì ti ní ọ̀kan lọ́wọ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún tiraigiliséráìdì. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, ikùn tó tóbi pẹ̀lú tiraigiliséráìdì tó ga ni wọ́n fi ń fura pé ọ̀rá inú ikùn pọ̀. Lára wa, ara lè ti máa ṣe àìgbọ́ràn sí ínsúlíìnì gan-an kí tiraigiliséráìdì tó ga rárá. Nítorí náà, tí ti yín bá jáde ní 90, tí wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ yín mọ́, ṣùgbọ́n tí ṣúgà jẹ́ 108, tí ìfúnpá jẹ́ 138 lórí 88, ikùn yín 97 ti sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò náà pa pọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n téèpù tí ẹ ṣe nílé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ wọ̀n gan-an sí i, kí ẹni tó máa wò yín ní oṣù mẹ́ta sí i lè gba ibẹ̀ náà wọ̀n yín.